Àkọlé Àwòrán Alátẹ̀léra: Kí Ni Òǹkàwé Yóò Rí Gbà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, púpọ̀ nínú yín ló ń kọ́ àwọn ènìyàn ní nǹkan lórí Instagram pẹ̀lú àwòrán alátẹ̀léra, èyí tí a ń fi ìka fà láti ojú-ewé kan sí èkejì. Ní ọdún 2017 tí ó bẹ̀rẹ̀, ojú-ewé 10 ni ó lè gbà. Láti ọdún 2024 ó ń gba 20. Ṣùgbọ́n ojú-ewé kìíní ni ẹni tí ń kọjá lọ sábà máa ń kọ́kọ́ rí. Bí àkọlé ibẹ̀ kò bá sọ ohun tí ó wà nínú, kò ní ìdí tí yóò fi fà á wò.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀kan wò. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan mú iṣẹ́ rẹ̀ tọ̀ wá wá, ojú-ewé 8 ni. Ó kọ sí iwájú rẹ̀ pé: “Ẹ̀kọ́ Pàtàkì Nípa Kíkà Lárúbáwá”. A bi í pé kí ni ẹ̀kọ́ náà. Ó ní, “Ùsítáàsì, àwọn lẹ́tà òòrùn ni.” A ní ìyẹn gan-an ni kò sí nínú àkọlé rẹ̀. “Ẹ̀kọ́ pàtàkì” lè jẹ́ ti gírámà, ó lè jẹ́ ti ìkọ̀wé, ó lè jẹ́ ti ohunkóhun.

Ìbéèrè tí a fi ń tún irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ṣe kò ju ọ̀kan lọ: nígbà tí òǹkàwé bá dé ojú-ewé tí ó kẹ́yìn, kí ni yóò lè ṣe tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ wa dáhùn pé yóò mọ ìgbà tí kò yẹ kí á pe lámù inú “al”. À ń kọ lámù sínú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí òòrùn, ṣùgbọ́n “aṣ-ṣamsu” ni à ń pè é, kì í ṣe “al-ṣamsu”. Ti òṣùpá kò rí bẹ́ẹ̀. “Al-kamaru” ni, lámù rẹ̀ dún ketekete. Nínú lẹ́tà 28, 14 ṣe bí ti òòrùn, 14 ṣe bí ti òṣùpá.

Ó wá kọ “Lẹ́tà Lárúbáwá 14”. Iye ti wọlé, ṣùgbọ́n èrè kò sí níbẹ̀. Kí ni a fẹ́ fi 14 náà ṣe? Ó tún un kọ: “Ka Lárúbáwá Láìṣe Àṣìṣe Mọ́”. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ojú-ewé 8 kò lè san gbèsè yẹn. Ẹni tí a bá tàn báyìí lẹ́ẹ̀kan kì í fa tiwa mọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó kọ “Mọ Lẹ́tà 14 Tí Lámù Kì Í Dún Níwájú Wọn”. Inú wa dùn sí i, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí ó lọ gbé e jáde.

Ṣùgbọ́n bí àkọlé bá ti dárúkọ iye, ẹ ka inú rẹ̀. Lẹ́tà méjì-méjì ni ó tò sí ojú-ewé kejì títí dé ìkeje. Ní ìkẹjọ, núnù nìkan ni ó dá wà. 13 ni! Lámù fúnra rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Ó ní òun yọ ọ́ nítorí pé nínú “al-laylu”, tí í ṣe òru, òun ń gbọ́ lámù. Òótọ́ ni ó gbọ́. Lámù méjì ló wọnú ara wọn níbẹ̀, tí a fi ń tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí a bá ń pè é. Nínú àwọn lẹ́tà òòrùn ni ó wà síbẹ̀. Àṣé àkọlé wa kò tíì pé: “kì í dún” kò bá lẹ́tà kan nínú 14 mu. Bí kò bá jẹ́ pé a kà á ni, a kì bá tí mọ̀.

Èyí tí ó gbé jáde nígbẹ̀yìn ni “Dá Lẹ́tà 14 Tí Ń Gbé Lámù Mì Mọ̀”. Ọ̀rọ̀ 9 ni, ó ṣeé kà nínú àwòrán kékeré, lámù sì ti wọlé sí ẹ̀gbẹ́ núnù.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a lè fi iye sí. “Òye Nípa Sàká” lè di “Ṣírò Sàká Owó Rẹ: Ìpín 1 Nínú 40”, bí inú rẹ̀ bá sọ iye tí owó gbọ́dọ̀ tó àti pé ọdún gbọ́dọ̀ yí po lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ lẹ́tà kan sí ẹnìkan tí ń ṣọ̀fọ̀ ni ẹ ń kọ́ wọn láti kọ, ẹ má wá “ọ̀nà 7” kiri. “Ohun Tí O Lè Kọ Sí Ọ̀rẹ́ Tí Ń Ṣọ̀fọ̀ Lónìí” ti tó.