Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Ìkẹyìn Nínú Ìdánwò Ìṣirò

Nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ti Àjọ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni a fún akẹ́kọ̀ọ́ fún ìwé ìṣirò tí a ń fi ọwọ́ kọ. Apá méjì ni ìwé náà ní. Dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn ìbéèrè márùn-ún tí ó wà ní apá kìn-ín-ní. Ní apá kejì, yóò ṣa márùn-ún tí ó bá wù ú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ àkókò lò yóò parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá kù bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí ó yẹ kí ó fi ìṣẹ́jú wọ̀nyí ṣe ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé láti yẹ iṣẹ́ wò ni láti tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kíkà bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí àṣìṣe. Ojú tí ó kọ 7 ní ibi tí ó yẹ kí ó kọ 1 yóò tún kọjá lórí rẹ̀ láì fura, nítorí pé èrò tí ó mú un kọ ọ́ ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdáhùn òun tọ́, kí ó gba ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀. Bí ọ̀nà méjèèjì bá pàdé, ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Bí wọn kò bá pàdé, àṣìṣe wà níbì kan.

Ohun àkọ́kọ́: kíkà iye ìbéèrè

Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ wo ohun tí kò ní ìṣirò nínú. Ǹjẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀ wà lórí ìwé? Ǹjẹ́ ó ti dáhùn márùn-ún ní apá kìn-ín-ní àti márùn-ún ní apá kejì? Ǹjẹ́ nọ́ńbà tí ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan bá nọ́ńbà ìbéèrè mu? Bí ìbéèrè kan bá ní (a), (b) àti (d), kí ó wò ó bóyá òun kò gbàgbé (d), pàápàá bí ó bá wà ní ẹ̀yìn ewé. Ìbéèrè tí a gbàgbé kò ní máàkì kankan, bí ó ti wù kí ó rọrùn tó.

Ohun kejì: gbólóhùn ìkẹyìn ìbéèrè

Lẹ́yìn èyí, kí ó mú àwọn ìdáhùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ka gbólóhùn ìkẹyìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdáhùn tí òun kọ. Níbẹ̀ ni olùbéèrè ti máa ń sọ ohun tí ó ń fẹ́ gan-an: bóyá lítà ni tàbí mítà, bóyá èrè ni tàbí owó tí a fi ra ọjà, bóyá kí a ké ìdáhùn sí náírà tí ó súnmọ́ ọn jù. Iṣẹ́ lè tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ dúró ní ìgbésẹ̀ kan ṣáájú ibi tí a ní kí ó dé.

Ohun kẹta: ǹjẹ́ ìdáhùn náà ṣeé ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. A bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: “Táńkì omi kan rí roboto láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ mítà 1.4, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.5. Lítà omi mélòó ni yóò gbà?” Akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ̀ pé òun yóò fi 22/7 ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ó gbàgbé pé ìdajì ìbú ẹnu táńkì ni a ń lò, kì í ṣe odindi rẹ̀. Ó ṣe é báyìí: 22/7 × 1.4 × 1.4 × 1.5 = 9.24. Nítorí pé àpótí tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì ga ní mítà kan a máa gba lítà 1,000, ó kọ lítà 9,240 sílẹ̀.

Bí ó bá tún iṣẹ́ yìí kà, kò ní rí àṣìṣe, nítorí pé ìsọdipúpọ̀ náà tọ́. Ṣùgbọ́n kí ó ro ó báyìí: bí a bá kan àpótí onígun mẹ́rin kan tí táńkì yìí lè wọ inú rẹ̀ ṣinṣin, òòró àpótí náà yóò jẹ́ mítà 1.4, ìbú rẹ̀ 1.4, gíga rẹ̀ 1.5. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, a ó rí 2.94, èyí tí í ṣe lítà 2,940. Báwo ni táńkì tí ó wà nínú àpótí yóò ṣe gba omi ju àpótí náà lọ? Kò ṣeé ṣe. Àṣìṣe ti hàn gbangba, kò sì gba ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ó bá padà lo ìdajì ìbú, èyí tí í ṣe 0.7, yóò rí 22/7 × 0.7 × 0.7 × 1.5 = 2.31. Lítà 2,310 ni ìdáhùn, ó sì kéré ju ti àpótí lọ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àṣìṣe ńlá ni ó ń mú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ lítà 2,130 dípò 2,310, ìdáhùn náà ṣì ṣeé ṣe, kò sì ní í fura. Nítorí náà ni a fi nílò ohun kẹrin.

Ohun kẹrin: dídá ìdáhùn padà sínú ìbéèrè

“Obìnrin oníṣòwò kan ta aṣọ ní ₦23,000. Ó jèrè 15 nínú 100 lórí iye tí ó fi rà á. Èló ni ó rà á?” Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá 15 nínú 100 ti 23,000, èyí tí í ṣe 3,450, wọn yóò yọ ọ́ kúrò, wọn yóò sì kọ ₦19,550. Iye yìí ṣeé ṣe, nítorí pé ó kéré ju iye tí a ta aṣọ náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe bí ẹni pé àwa ni a ra aṣọ náà ní ₦19,550, kí a sì tà á gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè ti wí. Èrè 15 nínú 100 lórí 19,550 jẹ́ 2,932.50. Bí a bá fi kún un, ₦22,482.50 ni, kò pé ₦23,000. Ìdáhùn náà kò tọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé orí owó tí a fi ra ọjà ni a ti ń ka èrè, kì í ṣe orí owó tí a tà á. Ohun tí a rà ní 100 ni a tà ní 115; nítorí náà 23,000 × 100/115 = 20,000. Ẹ jẹ́ kí a dá a padà: èrè lórí ₦20,000 jẹ́ ₦3,000, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ ₦23,000 géérégé.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún níhìn-ín. Inú ọ̀rọ̀ ìbéèrè ni kí a dá ìdáhùn padà sí, kì í ṣe inú ohun tí àwa fúnra wa ti kọ. Ẹ wo ìbéèrè yìí: “Òòró oko kan fi mítà 5 ju ìbú rẹ̀ lọ. Bí a bá sọ òòró di púpọ̀ ní ọ̀nà ìbú, 84 ni. Kí ni ìbú oko náà?” Akẹ́kọ̀ọ́ kan pe ìbú ní x, ṣùgbọ́n ó ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ó sì kọ x(x − 5) = 84. Ó rí i pé x jẹ́ 12. Láti yẹ ara rẹ̀ wò, ó fi 12 sí ohun tí ó kọ: 12 × 7 = 84. Ó tọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ọ̀rọ̀ ìbéèrè ni ó dá a padà sí, ìbú 12 yóò fún un ní òòró 17, 17 × 12 sì jẹ́ 204. Nígbà náà ni yóò mọ̀ pé x(x + 5) = 84 ni ó yẹ kí òun kọ, pé mítà 7 ni ìbú oko náà, òòró rẹ̀ sì jẹ́ 12.

Bí a bá rí àṣìṣe

Kí akẹ́kọ̀ọ́ wo aago kí ó tó fi ìlà pa ohunkóhun. Nínú ìṣirò, ìgbésẹ̀ tí ó tọ́ a máa ní máàkì tirẹ̀, àní bí ìdáhùn ìkẹyìn bá kùnà. Nítorí náà, kí ó kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ tuntun sí àyè tí ó mọ́, lẹ́yìn náà kí ó fi ìlà kan ṣoṣo pa ti àtijọ́. Bí àkókò kò bá tó láti tún un ṣe, kí ó fi ti àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà. Bákan náà, kí ó má ṣe yí ìdáhùn padà nítorí pé ẹ̀rù ń bà á. Àfi bí ó bá lè tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe wà.

Kí àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí tí wọ́n mọ̀wé jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ ìgbésẹ̀ wọ̀nyí sórí, kí wọ́n sì máa lò wọ́n nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ ṣáájú ọjọ́ ìdánwò:

1. Ṣé orúkọ, nọ́ńbà ìdánwò àti nọ́ńbà ìbéèrè kọ̀ọ̀kan pé?
2. Ṣé ìbéèrè tí mo dáhùn ní apá kọ̀ọ̀kan pé iye tí a ní kí n dáhùn?
3. Ṣé ohun tí gbólóhùn ìkẹyìn béèrè ni mo kọ?
4. Ṣé ìdáhùn mi ṣeé ṣe?
5. Bí mo bá dá a padà sínú ọ̀rọ̀ ìbéèrè, ṣé ó bá a mu?
6. Ṣé mo ti kọ iṣẹ́ tuntun kí n tó fi ìlà pa ti àtijọ́?