Nígbà tí Ìjọba bá Wọ Ọjà Owó Yíyá: Ẹ̀kọ́ lórí Bí Gbèsè Ìjọba Ṣe ń Ti Àgbẹ̀ àti Oníṣòwò Sẹ́yìn

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Àgbẹ̀ kan ní Ṣakí tàbí ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn lè gba báńkì lọ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ àti onídùúró, kí wọ́n sì sọ iye èlé tí ó ju èrè iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún un. Yóò rò pé báńkì kórìíra òun ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹni tí ó gba owó náà mọ́ ọn lọ́wọ́ kò sí ní Ṣakí rárá. Àbújá ni ó wà, ìjọba àpapọ̀ sì ni orúkọ rẹ̀.

1. KÍ NI ỌJÀ OWÓ YÍYÁ?

Owó ní ọjà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣu ti ní. Àwọn tí ń kó owó wá sí ọjà náà ni àwọn tí kò ná gbogbo ohun tí ó wọlé fún wọn: oníṣòwò tí ó fi owó sí báńkì, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lóṣooṣù, alájọ tí ó kó owó ọjà lọ sí báńkì ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí ń wá owó ni ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ gààrí, ẹni tí ó fẹ́ ra káṣú sílẹ̀ ní àsìkò rẹ̀, àti ilé iṣẹ́ ńlá tí ó fẹ́ kọ́lé ẹ̀rọ. Iye tí wọ́n ń ná owó náà ni èlé. Bí owó bá pọ̀ tí olùwá kò pọ̀, èlé a wálẹ̀. Bí olùwá bá pọ̀ ju owó lọ, èlé a gòkè.

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣu ṣe àpèjúwe. Ká ní ní ọjọ́ ọjà, aṣojú ìjọba kan gúnlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá méjì, ó ní òun kò ní bá ẹnikẹ́ni nájà, iye yòówù kí wọ́n pè é ni òun yóò rà á, torí àsè kan ń bọ̀ lọ́la. Kò lé ẹnikẹ́ni lọ́jà, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Síbẹ̀, iṣu yóò wọ́n, olóúnjẹ tí ń gún iyán tà yóò sì padà sílé pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo. Bí ìjọba ṣe ń ti àwọn ẹlòmíràn jáde lọ́jà owó nìyẹn. Oníṣòwò máa ń bi ara rẹ̀ bóyá èrè òun yóò ju èlé lọ. Ìjọba kì í bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí owó oṣù ni ó fẹ́ san, gbèsè àtijọ́ sì ti tó san.

Kì í ṣe gbogbo owó tí ìjọba yá ni ó gbà lọ́wọ́ oníṣòwò. Ká ní ìlú kan ní 100 mílíọ̀nù náírà nínú ọjà owó, tí àwọn oníṣòwò sì ń yá gbogbo rẹ̀. Ìjọba dé, ó fẹ́ 40 mílíọ̀nù. Èlé gòkè. Nítorí pé èlé dára, àwọn kan tún kó 15 mílíọ̀nù wá sí báńkì, owó ọjà di 115. Ìjọba mú 40, ó ku 75 fún àwọn oníṣòwò tí ń yá 100 tẹ́lẹ̀. Nínú 40 tí ìjọba mú, 15 jẹ́ owó tuntun, 25 sì jẹ́ owó tí ìbá di oko, ẹ̀rọ àti ọjà. 25 yẹn ni àwọn tí a tì jáde.

2. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ỌDÚN 2017

Ìwé gbèsè tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yá owó fún ìgbà kúkúrú ni wọ́n ń pè ní tírẹ́ṣúrì bíìlì. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ni ó ń bá ìjọba tà á, fún ọjọ́ 91, 182 tàbí 364. Ní ọdún 2017, iye tí ìjọba ń san lórí ti ọjọ́ 364 tó nǹkan bíi 18 nínú 100. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ dáadáa, torí ìjọba kì í dúró di ìparí ọdún kí ó tó yọ èrè náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹni tí ó rà á yóò san 82,000 náírà, ìjọba yóò sì dá 100,000 padà fún un ní ìparí ọdún. Èrè 18,000 lórí 82,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22 nínú 100.

Ní báyìí, ẹ jókòó sí àga máníjà báńkì. Ó ní 100 náírà lọ́wọ́. Bí ó bá fi ra ìwé gbèsè ìjọba, yóò di 122, kò ní sùn ní àìfọkànbalẹ̀, kò sì ní rán ẹnikẹ́ni lọ wo oko. Bí ó bá fẹ́ yá onígààrí ní Ṣakí, ká ní yóò ná náírà 4 lórí ìrìn àjò àti ìwé, ká sì ní nínú gbogbo 100 náírà tí ó yá irú àwọn bẹ́ẹ̀, 6 kò ní padà wá. Kí ó tó lè rí ohun tí ìjọba ìbá fún un, 126 gbọ́dọ̀ wọlé, láti ara 94 tí ó padà. Ẹ pín 126 sí 94: gbogbo 100 náírà tí ó bá padà gbọ́dọ̀ mú 34 wá lórí. Bí onígààrí náà bá ń jèrè 28 nínú 100 lórí ẹ̀rọ rẹ̀, kò sí ohun tí ó lè bá báńkì sọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò burú. Ìjọba ni ó gbé iye ọjà tayọ ọwọ́ rẹ̀. Ìṣirò yìí kò jìnnà sí òtítọ́: ní ìparí ọdún 2017, èlé tí ó ga jù tí àwọn báńkì ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ti kọjá 30 nínú 100.

3. NÍGBÀ TÍ ÌJỌBA FÀ SẸ́YÌN DÍẸ̀

Ọ́fíìsì tí ń bójú tó gbèsè ìjọba àpapọ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ìjọba yá 3 bílíọ̀nù dọ́là lókèèrè. Ó mú díẹ̀ nínú rẹ̀, nígbà tí ó sì di oṣù kejìlá, ó fi san tírẹ́ṣúrì bíìlì tí ó tó 198 bílíọ̀nù náírà, kò sì yá òmíràn dípò rẹ̀. Àwọn tí wọ́n san owó náà fún, ìyẹn báńkì àti àwọn ilé iṣẹ́ tí ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, bá ara wọn pẹ̀lú owó tí ń wá ibi tí yóò dé sí. Ní àárín ọdún 2018, iye tí ìjọba ń san lórí ìwé ọjọ́ 364 ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 11 nínú 100.

Ẹnìkan lè ní Báńkì Àpapọ̀ ni ó fa èlé wálẹ̀. Ṣùgbọ́n iye èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi ń darí ọjà kò kúrò ní 14 nínú 100 láti oṣù keje ọdún 2016 títí di oṣù kẹta ọdún 2019. Òótọ́ ni pé ọ̀wọ́n ọjà pàápàá ń rọlẹ̀ lásìkò náà, láti 18 nínú 100 àti díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 sí 15 àti díẹ̀ ní ìparí rẹ̀, èyí sì ṣe ìrànwọ́. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fi gbogbo rẹ̀ sọ́rùn ìfàsẹ́yìn ìjọba, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ hàn gbangba.

Ẹ padà sí ìṣirò máníjà wa. Bí ìwé ìjọba bá mú 12 wá dípò 22, 116 ni ó nílò, kì í ṣe 126. Ẹ pín in sí 94: èlé onígààrí di 23 àti díẹ̀. Òun tí ń jèrè 28 lè yá owó báyìí, kí nǹkan sì kù sí i lọ́wọ́.

4. IBI TÍ Ẹ̀KỌ́ NÁÀ MỌ

Nǹkan mẹ́ta ni kí a kíyè sí. Èkíní, èlé lè wálẹ̀ kí báńkì má yáni lówó síbẹ̀, torí ẹ̀rù gbèsè tí kò padà. Ìdí nìyẹn tí Báńkì Àpapọ̀ fi pàṣẹ ní oṣù keje ọdún 2019 pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan máa yá àwọn ènìyàn ní ó kéré tán 60 nínú gbogbo 100 náírà tí wọ́n bá fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Èkejì, gbèsè dọ́là kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní ọdún 2017, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi 306 náírà ní iye ìjọba; ní ìparí ọdún 2024 ó ti kọjá 1,500. Ẹrù tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí oníṣòwò, orí ìjọba fúnra rẹ̀ ni a gbé e sí.

Ẹ̀kẹta, ìjọba lè yá owó lọ́nà tí kò ní ti ẹnikẹ́ni jáde lọ́jà owó, kí ó sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ní kí Báńkì Àpapọ̀ dá owó tuntun sílẹ̀ fún òun, kò fọwọ́ kan owó tí ẹnikẹ́ni fi pamọ́. Nígbà tí ó fi di ọdún 2023, irú gbèsè yìí ti ju 22 trílíọ̀nù náírà lọ. Ṣùgbọ́n owó pọ̀, ọjà kò pọ̀, ọ̀wọ́n ni ó dé. Kàkà kí èlé gbé owó oníṣòwò lọ, ọ̀wọ́n ọjà ni ó ń jẹ owó gbogbo ènìyàn.

5. ÀWA TÍ A KÒ FỌWỌ́ KAN ÈLÉ Ń KỌ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í gba èlé, a kì í sì í san án. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá síbẹ̀. Ẹni tí ń kó ajílẹ̀ wá láti Ìbàdàn fi gbèsè rà á ni, èlé tí ó san sì wà nínú iye tí a ra àpò kan. Ẹ̀rọ gààrí tí a kò rà ni iṣẹ́ tí ọmọ wa kò rí ṣe.

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ gbé súkúùkù àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde: 100 bílíọ̀nù náírà fún ọdún méje, fún ṣíṣe ọ̀nà, pẹ̀lú owó ìháyà 16.47 nínú 100 lọ́dọọdún dípò èlé. Ní ti òfin ẹ̀sìn, ó yàtọ̀ sí ribà. Ní ti ọjà owó, ìbéèrè kan ṣì kù: níbo ni owó náà ti wá? Bí báńkì bá mú un láti inú owó tí ìbá yá oníṣòwò, ó ti ẹnìkan jáde bí tírẹ́ṣúrì bíìlì ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó tí mùsùlùmí kan ti tọ́jú sínú àpótí nítorí ìbẹ̀rù ribà, owó tuntun ni ó wọ ọjà, kò gba ti ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀nà náà bá sì parí, tí owó ọkọ̀ iṣu dínkù, yóò tún dá èrè padà fún àgbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba fẹ́ yá owó, ẹ bèèrè nǹkan méjì: ọwọ́ ta ni yóò ti yá a, kí ni yóò sì fi ṣe?

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Bí ìwé gbèsè ìjọba bá jẹ́ 90,000 náírà lónìí tí yóò di 100,000 lẹ́yìn ọdún kan, èlò nínú 100 ni èrè rẹ̀?
2. Ẹ fi ìdáhùn yín ṣe ìṣirò máníjà báńkì. Èló ni onígààrí yóò san lórí 100 náírà?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín owó tí ìjọba yá lọ́wọ́ àwọn ènìyàn àti èyí tí ó gbà lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀?