Ìpè Ọ̀rẹ́ Tí A Kò Lè Jẹ́

Bí ọ̀rẹ́ bá pe ni sí àríyá tí a kò sì lè lọ, ìdí tí ó kọ́kọ́ wá sí ẹnu kì í sábà jẹ́ èyí tí ó wà nínú. Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Agogo mẹ́jọ ni àríyá yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì di ọ̀gànjọ́ kí ó tó parí. Gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò da àǹkọ́. Ìyá ọmọ yìí kò gbà kí ó rin òru, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Kò sí owó àǹkọ́ lọ́wọ́ mi."

Kíá ni ọ̀rẹ́ náà fèsì: "Má ṣe ìyọnu, wọ aṣọ tí o bá ní."

Kí ni yóò wá wí? Bí ó bá tún wá ìdí mìíràn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́, yóò sì máa rò pé òun gan-an ni wọn kò fẹ́. Èyí ni a fi ń dá ojúlówó ìdí mọ̀: bí wọ́n bá mú un kúrò, a ó lọ. Bí wọ́n bá mú un kúrò tí a kò sì ní lọ, ìbòjú ni. Irọ́ àìsàn tilẹ̀ burú ju ti owó lọ, nítorí ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ràn ẹni lè gbé ọsàn wá kí aláìsàn.

Ohun tí ì bá sọ nìyí: "O ṣeun tí o rántí mi. N kò ní lè wá, nítorí màmá mi kò jẹ́ kí n rin òru. Ṣùgbọ́n n ó wá bá ọ to àga ní ọ̀sán ọjọ́ náà." Kò fi ìwàásù kún un nípa àríyá òru. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé tí kò ṣeé tú síta, "Ọ̀rọ̀ ilé wa ni" tó. Òótọ́ ni òun náà.

Kí ó má ṣe fi "Bí Ọlọ́run bá fẹ́" rọ́pò "Rárá" o. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò kà á sí bẹ́ẹ̀ ni, yóò sì ka aṣọ mọ́ ọn. Ọ̀pá mẹ́fà ni àǹkárá sábà máa ń jẹ́ nínú ìdì kan, iye àwọn tí yóò da á ni wọ́n sì fi ń mọ iye ìdì tí wọn yóò rà. Nítorí náà, kí wọ́n tó lọ sí ọjà ni kí ó ti sọ ọ́, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ó má rán ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, kí ó yà sí ilé wọn, kí ó kí àwọn òbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ kú ìnáwó," kí ó sì jókòó gbọ́ bí alẹ́ náà ti rí.