Ẹ rà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ tà á lẹ́ẹ̀kan: èwo gan-an lẹ tà?

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Hiúsítìn, ní Amẹ́ríkà, bi mí ní ìbéèrè kan lórí Wasáàpù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, dọ́là 4,000 ni mo ra ETH, mo wá tà á ní 3,600. Wọ́n tún ń sọ pé mo jèrè, kí n wá san owó orí. Èrè wo?"

Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló rà á. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. 4,000 tó ń rántí yẹn, iye tó rà á kẹ́yìn ni. Iye tí ẹnìyàn rà á kẹ́yìn ló sì máa ń wà lórí ẹ̀mí, nígbà tó jẹ́ pé òun kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣírò.

Ẹ wò ó báyìí. Bí ẹ bá ra gàrí lọ́jọ́ Ajé ní iye kan, tẹ́ ẹ tún ra òmíràn lọ́jọ́bọ̀ ní iye mìíràn, tẹ́ ẹ da méjèèjì pọ̀ sínú àpò kan, tẹ́ ẹ wá bu kóńgò mẹ́rin tà, ta ló lè fojú mọ gàrí ọjọ́ Ajé yàtọ̀ sí tọjọ́bọ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni owó orí ẹ̀rọ rí. ETH kan ò yàtọ̀ sí ìkejì. Ṣùgbọ́n láti mọ èrè, a gbọ́dọ̀ mọ iye tí a ra èyí tí a tà. Nígbà tí ojú ò lè mọ̀ ọ́n, òfin ló máa ń yàn án.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2014 ni ilé-iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé dúkìá ni kírípítò lójú àwọn, kì í ṣe owó. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tà á, wọ́n á fi iye tẹ́ ẹ tà á wé iye tẹ́ ẹ rà á. Tẹ́ ẹ ò bá sì ti sọ èyí tẹ́ ẹ ń tà kẹ́ ẹ tó tà á, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n á kà sí èyí tó kọ́kọ́ jáde. Mo máa pè é ní àkọ́wọlé-àkọ́jáde. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ti àná ló máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú. Àmọ́ búrẹ́dì lè bu, ETH ò lè bu, nítorí náà inú ìwé nìkan ni ètò tiwa yìí ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò náà. Mo ti mú kí àwọn iye rẹ̀ rọrùn díẹ̀. Ohun tí a bá rà lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní ìdì kan.

Ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 2024, ó ra ETH 2 ní dọ́là 2,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gba dọ́là 20 lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ṣáàjì. Ṣáàjì tí a san nígbà tí a ń rà máa ń wọnú owó ìrà, nítorí náà ìdì kìíní ná an ní 5,020. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún kan náà, ó ra ETH 1 ní 3,700 pẹ̀lú ṣáàjì 15. Ìdì kejì jẹ́ 3,715. Nígbà tó di ọjọ́ 16, oṣù kejìlá, ó ra ETH 2 ní 4,000 lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ṣáàjì 32. Ìdì kẹta jẹ́ 8,032, ìyẹn 4,016 fún ẹyọ kan. Àpapọ̀ ohun tó rà jẹ́ ETH 5, àpapọ̀ owó rẹ̀ sì jẹ́ 16,767.

Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹjọ, ọdún 2025, ó ta ETH 4 ní 3,600 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 14,400. Wọ́n yọ ṣáàjì 48 níbẹ̀. Ṣáàjì ìtà ní tirẹ̀, ara owó ìtà ni wọ́n ti ń yọ ọ́, torí náà ohun tó kù jẹ́ 14,352, tàbí 3,588 fún ẹyọ kan.

Wàyí o, ibo ni ETH 4 yìí ti wá? A bẹ̀rẹ̀ láti ìdì tó pẹ́ jù. Ìdì kìíní ní 2, a kó méjèèjì. Ó ku 2 tí a ń wá. Ìdì kejì ní 1, a mú un. Ó ku 1. Ìdì kẹta ní 2, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré la nílò, nítorí náà a pín ìdì náà sí méjì, a mú ìdajì, a fi ìdajì sílẹ̀.

```
2 ETH: 7,176 - 5,020 = 2,156
1 ETH: 3,588 - 3,715 =  -127
1 ETH: 3,588 - 4,016 =  -428
                       1,601
```

Ẹ rí i pé lóòótọ́ ló pàdánù lórí ìdì kejì àti ìkẹta. Kò purọ́. Àmọ́ èrè orí ìdì kìíní bo àdánù méjèèjì mọ́lẹ̀, ó sì tún ṣẹ́ kù dọ́là 1,601.

Mo fi ìlà mẹ́ta hàn yín dípò kí n kàn kọ 1,601 torí pé ọjọ́ orí ìdì kọ̀ọ̀kan ṣe pàtàkì. Ní Amẹ́ríkà, èyí tó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ yín ju ọdún kan lọ kẹ́ ẹ tó tà á, owó orí rẹ̀ fúyẹ́: ìdá 0, 15 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, bí owó tó ń wọlé fún yín bá ṣe tó. Èyí tí kò bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bí owó oṣù ni wọ́n ń ṣe é. Ìdì kìíní àti ìkejì ti ju ọdún kan lọ. Ìkẹta kò tíì pé oṣù mẹ́jọ. Nítorí náà lórí Fọ́ọ̀mù 8949, títà kan ṣoṣo yẹn yóò di ìlà mẹ́ta, ìkẹta á sì wà ní apá tirẹ̀.

ETH kan tó ṣẹ́ kù náà ń gbé ìtàn tirẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ ṣì jẹ́ 4,016, ọjọ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ọjọ́ 16, oṣù kejìlá, ọdún 2024. Kì í di tuntun torí pé a ta ìkejì rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí òun ni yóò jẹ́ ìdì kìíní nígbà míì tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ tà.

Àbúrò mi bèèrè pé ṣé kì í ṣe jìbìtì ni wọ́n ń lù òun báyìí, ṣé wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ni? Ìbéèrè tó dára ni, nítorí náà a ṣe é. Ká ní ìdì kẹta la kọ́kọ́ tà, méjèèjì inú rẹ̀ yóò fún wa ní àdánù 856. Ìdì kejì, àdánù 127. Ẹyọ kan láti inú ìdì kìíní, tó jẹ́ 2,510, yóò fún wa ní èrè 1,078. Àpapọ̀ rẹ̀: èrè 95 péré. 1,601 di 95! Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́: ETH tí owó ìrà rẹ̀ jẹ́ 2,510 ni, kì í ṣe 4,016. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1,506, iye yẹn gan-an ló sì wà láàárín 1,601 àti 95. Èrè náà kò sọnù, ó kàn sún síwájú ni. Lọ́jọ́ tó bá ta èyí tó kù, wọ́n á bá a níbẹ̀.

Òfin Amẹ́ríkà gbà kẹ́ ẹ fúnra yín yan ìdì tẹ́ ẹ fẹ́ tà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti yàn án, kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ti wà, kó tó di àkókò tẹ́ ẹ tà á gan-an. Ẹ ò lè tà á lóṣù kẹjọ kẹ́ ẹ wá yan ìdì lóṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tẹ́ ẹ ti rí iye owó orí.

Ibi tó ti ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ wọ́lẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2025, wọ́lẹ́ẹ̀tì tàbí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀. Àkọ́wọlé tí a ń sọ, àkọ́wọlé inú wọ́lẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti tà ni. Ká ní ìdì kìíní wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì orí fóònù, ìdì kejì àti ìkẹta sì wà ní àkáǹtì tẹ́ ẹ ní lọ́jà kírípítò. Bí ẹ bá ta ETH 2 láti àkáǹtì náà ní iye tí a lò lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò lè nawọ́ mú ti orí fóònù. Ìdì kejì ni yóò kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ìdajì ìkẹta, ẹ ó sì pàdánù 555. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà lójú kan ni, ìdì kìíní ni ì bá jáde, èrè 2,156 ni ì bá sì jẹ́. Òǹtà kan náà, iye kan náà, ibi tí ẹrù wà ló yàtọ̀.

Gbígbé ETH láti wọ́lẹ́ẹ̀tì yín kan sí òmíràn kì í ṣe títà. Ọjọ́ rẹ̀ àti owó ìrà rẹ̀ á bá a lọ. Àmọ́ ọjà tó gbà á kò mọ iye tẹ́ ẹ rà á, ó kàn rí i pé nǹkan wọlé ni. Tẹ́ ẹ bá wá kó àkọsílẹ̀ ọjà náà sínú ètò ìṣirò, ó lè fi 0 sí owó ìrà, gbogbo owó tẹ́ ẹ tà á á sì di èrè. Bí ẹ bá rí ìlà tí èrè rẹ̀ àti owó ìtà rẹ̀ jẹ́ iye kan náà, ẹ lọ wá ìdì náà níbi tó ti wá. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, fífi ETH pààrọ̀ USDT tàbí kírípítò mìíràn jẹ́ títà, bí náírà tàbí dọ́là kankan ò tiẹ̀ wọ báńkì yín.

Ọ̀nà méjì ni mo fi ń yẹ iṣẹ́ mi wò. Àkọ́kọ́, iye ETH tó kù nínú ìwé gbọ́dọ̀ bá iye tó wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì mu. Bí ìwé bá sọ pé ó ku ohun tó dín sí òfo, ìrà kan ti sọnù. Èkejì, owó ìrà èyí tí a tà, tí a bá fi ti èyí tó kù kún un, gbọ́dọ̀ jẹ́ gbogbo owó tí a fi rà. Nínú àpẹẹrẹ wa, 12,751 àti 4,016 jẹ́ 16,767. Ó pé.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, ẹ má gbé ìṣirò yìí lọ síbẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n máa ń da owó gbogbo ìdì pọ̀ ni, wọ́n á wá pín in dọ́gba, àyàfi èyí tẹ́ ẹ rà lọ́jọ́ kan náà tẹ́ ẹ tà tàbí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀, tó ní ìlànà tirẹ̀. Ìdì mẹ́ta tiwa yìí yóò fúnni ní nǹkan bí 3,353 lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, èrè orí ETH 4 náà yóò sì jẹ́ nǹkan bí 938: kò jẹ́ 1,601, kò sì jẹ́ 95.