Orúkọ Ta Ni Yóò Ṣíwájú Nínú Ìkéde?

Ìbéèrè: Mo ń tún fóònù ṣe ní Kọ̀ǹpútà Fílééjì, Ìkẹjà. Èmi àti ẹnìkan tó ń ta fóònù ní Òpópónà Ọ̀tìgbà ṣàdéhùn pé n óò máa tún fóònù tó bá tà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù 3. Ohun tó wá kéde ni pé: "A ti ní ẹ̀ka àtúnṣe báyìí." Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Ṣé kí n dákẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má dákẹ́ o. Gbólóhùn yẹn ti sọ yín di ọmọọṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oníṣẹ́ ara yín ni yín.

Ìkéde tó tọ́ máa ń sọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Ẹ ní kó kọ ọ́ báyìí, pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù méjèèjì: "Lágbájá ló ń ta fóònù; Làkáṣègbè ni yóò tún un ṣe fún oṣù 3. Iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni ọ̀fẹ́, oníbàárà ni yóò ra sikirín-ìn tó bá fọ́." Bí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ò bá sí níbẹ̀, ìdí tábìlì yín ni àwọn oníbàárà ti máa jà, kì í ṣe tirẹ̀.

Lórí Wásáàpù tirẹ̀, kí orúkọ yín ṣíwájú; lórí tiyín, kí tirẹ̀ ṣíwájú. Kí nọ́ńbà ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má kọ ọ́ bíi pé ẹ̀yin lẹ kó oníbàárà jọ. Ọjà rẹ̀ ló ń fà wọ́n wá.

Ẹ lọ bá a lónìí, kó tó tẹ bánà.