Ẹ Béèrè Oṣù Tó Parí

Ọ̀rẹ́ mi kan ló yin ọmọkùnrin kan lójú mi lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Ó ní ọmọ náà mọ sífí í kọ dójú àmì, kò sí àlàfo tí kò lè dí. Mo kàn gbé ojú sílẹ̀ ni, nítorí mo mọ ẹni tí àlàfo dídí yẹn dójú tì.

Olùkọ́ ni obìnrin náà, ọmọ Ìṣẹ́yìn níbí, NCE ló ní. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan láti oṣù kẹsàn-án 2014 títí di oṣù keje 2018. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá rẹ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń gbé ìyá dìde, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, títí ìyá fi jáde láyé ní oṣù kẹta 2022. Kí ni ọmọkùnrin wa ṣe? Ó fa 2018 gùn dé 2022, ó sì kọ ọ́ sí àkópọ̀ òkè pé ìrírí ọdún méje ló ní. Níbi íntáfíù, wọ́n tú àpò ìwé rẹ̀, lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ jáde: 27 oṣù keje 2018. Wọ́n wo ojú rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, àmọ́ ta ni yóò tún gbà á gbọ́?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ sífí fún aráàlú, mi ò ní kọ́ yín ní ibi tí orúkọ ń wà àti bí a ṣe ń to ilé-ìwé. Ẹ ti mọ ìyẹn. Oṣù tí àlàfo parí ni ẹ kì í béèrè. Ní Òkè-Ògùn yìí, ẹni tó ń gbani síṣẹ́ náà ní ìyá, kò lè bínú pé ẹnìkan tọ́jú tirẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí ó má tún fi òun sílẹ̀ láàárín sáà. Oṣù tó parí ló ń dá a lóhùn kó tó béèrè.

Ṣakí ni mo ti kọ́ṣẹ́ ní 1981, lọ́dọ̀ akọ̀wé kan tó ń fi taipuráítà kọ lẹ́tà fún gbogbo ayé. Lọ́jọ́ kan mo tẹ̀ ẹ́ fún oníbàárà kan pé "nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí" ló fi jókòó sílé. Ọ̀gá mi fa ìwé náà yọ pẹ̀lú kábọ̀n rẹ̀, ó ní kí n gbé e lọ fún alákàrà. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹbí lè jẹ́ ìjà ilẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n. Èwo ni? Ṣé ó ti parí?" Mo bínú nígbà náà. Kábọ̀n wọ́n, inú owó mi ló sì ti yọ ọ́.

Sífí olùkọ́ yìí tí mo tún kọ, Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú àkópọ̀ tuntun rẹ̀ nìyí: "Olùkọ́ ìṣirò, NCE, tó ti kọ́ni fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Láti oṣù kẹjọ 2018 sí oṣù kẹta 2022 mo fi gbogbo àkókò mi tọ́jú ìyá mi tó ń ṣàìsàn. Ìtọ́jú náà ti parí. Láàárín rẹ̀ mo ń kọ́ ọmọ mẹ́fà ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́." Ìtọ́jú náà sì ní ìlà tirẹ̀ láàárín àwọn iṣẹ́, pẹ̀lú oṣù kan náà.

Ẹ kíyè sí i, ọdún mẹ́rin la kọ, a kò ka ti ìtọ́jú mọ́ ọn. A ò dárúkọ àrùn, a ò bẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ò sọ ọ́ di "Alákòóso Àgbà Ètò Ilé" bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ẹ̀rín nìyẹn ń pa ènìyàn. Lẹ́sìnnì yẹn, òun fúnra rẹ̀ kò kà á sí nǹkankan, ìgbà tí mo béèrè ohun tó ń ṣe lálẹ́ ló tó jáde.

Láti 2022 ni LinkedIn ti fi àyè sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí, `Career break` ni wọ́n pè é. Ọmọ mi fi hàn mí lórí fóònù, àyè oṣù sì wà níbẹ̀. Mo rántí ọ̀gá mi.

Bí ìtọ́jú kò bá tíì parí ńkọ́? Ẹ má purọ́ pé ó parí. Ẹ kọ ẹni tó ń dúró ti aláìsàn báyìí àti wákàtí tí oníbàárà lè fi ṣiṣẹ́. Ibòmíràn kò ní gbà á bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ì bá lé e kúrò ní oṣù kejì ni.

Ọjọ́bọ̀ ni obìnrin náà wá sọ́dọ̀ mi. Nígbà tí mo béèrè oṣù tó parí, ó dákẹ́, ó ń fi ìka to etí gèlè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ni, bàbá. Ọjọ́ Àìkú." Mo tẹ oṣù, mo tẹ ọdún. Mo fi ọjọ́ sílẹ̀ fún un.