Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Tẹ́ Sí Ilẹ̀ Ìsọ̀

Ní ìlú Ẹdẹ, bí òjò bá ń rọ̀, ẹrẹ̀ pupa ni oníbàárà ń tẹ̀ wọ inú ìsọ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, iyanrìn ni. Iyanrìn yìí ni ó ń ba ilẹ̀ ìsọ̀ jẹ́ ju omi lọ, nítorí pé ó le ju ojú dídán tí ó wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ táìlì, ó sì le ju rọ́bà lọ púpọ̀púpọ̀. Bàtà oníbàárà ni ó ń fi í ha ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí káfíńtà ti ń fi sáńpépà ha pákó. Ní Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́, ní nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àpáàdì ni a fi tẹ́ àgbàlá. A kò dà á dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n a to etí rẹ̀ sókè, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ fi ní ohun púpọ̀ láti jẹ kí ó tó tán.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìsọ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà ní Ẹdẹ, tí a ti ń ta epo pupa, ìrẹsì àti omi tútù. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 6, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 3.6. Kí onísọ̀ náà tó mú owó lọ sí ọjà, ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí ó fi ìṣó ha sìmẹ́ńtì náà: bí ó bá ń hó bí ìyẹ̀fun, ohunkóhun tí a bá lẹ̀ mọ́ ọn yóò ṣí. Lẹ́yìn náà, kí ó gé ọ̀rá kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, kí ó fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ó bá rí omi lábẹ́ ọ̀rá náà, tàbí tí ojú sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ti dúdú, omi ń gòkè wá láti inú ilẹ̀. Ìgbà òjò ni ìdánwò yìí ń sọ òtítọ́ jù.

Bí omi bá ń gòkè, kí ó gbàgbé rọ́bà, nítorí pé omi náà yóò tú àtè tí ó dì í mú, rọ́bà yóò sì wú sókè. Ní orí ilẹ̀ gbígbẹ, rọ́bà rọ ẹsẹ̀ lára, kò sì ṣòro láti tẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń rà á kò gbọdọ̀ jẹ́ kí sísanra rẹ̀ tan òun jẹ. Awọ tín-ínrín tí ó bo àwòrán ojú rẹ̀ nìkan ni ó ń gba ìyà ẹsẹ̀. Fún ìsọ̀ tí èrò pọ̀ sí, kí awọ náà tó ìdajì mìlímítà; èyí tí a ṣe fún yàrá kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, àwòrán rẹ̀ a sì ti pa rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kí ibòmíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Kọnkéré tí a fi ẹ̀rọ lọ̀ títí ó fi ń dán jẹ́ ìbátan tẹràsó tí a mọ̀ nínú ilé àtijọ́. Ó lágbára, kò sì ní ohun tí yóò ṣí kúrò lójú rẹ̀. Àmọ́ kọnkéré olókùúta tí ó dì dáadáa ni a ń lọ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 28 tí a ti dà á. Sìmẹ́ńtì àti yanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà ní ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ìsọ̀ kò ṣe é lọ̀. Eruku ni yóò dà. Epo pupa pẹ̀lú a máa wọ inú rẹ̀ bí a kò bá fi oògùn dí ojú rẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ a sì máa jẹ ẹ́.

Fún onísọ̀ wa, táìlì ni ó yẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ń dán bí dígí. Omi díẹ̀ lórí irú èyí ti tó láti gbé oníbàárà ṣubú. Kí ó yí táìlì padà, kí ó kán omi sí ẹ̀yìn rẹ̀: bí omi bá tètè wọlé, amọ̀ rírọ̀ ni. Kí ó tún wo ibi tí ó bá ti kán: bí àwọ̀ inú bá bá ti ojú mu, ibi tí ó bá gbó kò ní hàn. Bí ẹ̀gbẹ́ táìlì bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, 9 ni yóò gba ìbú, 15 ni yóò gba gígùn, èyí tí í ṣe 135. Kí ó fi 14 lé e nítorí gígé àti fífọ́.

Ọwọ́ bíríkìlà ni ọ̀ràn kù sí. Àwọn kan a máa fi ìṣù sìmẹ́ńtì márùn-ún sẹ́yìn táìlì, ọ̀kan láàárín, mẹ́rin ní igun, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òfìfo ni ó kù láàárín ìṣù wọ̀nyí. Ọjọ́ tí agbá epo bá já lé e, ibẹ̀ ni yóò fọ́. Kí onísọ̀ dúró tì wọ́n, kí ó ní kí wọ́n ṣí ọ̀kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ sókè: ó yẹ kí sìmẹ́ńtì bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, kí ó fi owó wẹ́wẹ́ kan àwọn táìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá dún bí igbá òfìfo, kí wọ́n tún un tẹ́ kí a tó san owó iṣẹ́ tán. Lẹ́yìn ọjọ́ kan a lè rọra rìn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe yí agbá epo wọlé títí ọ̀sẹ̀ kan yóò fi pé.